Ilé Tẹ́tẹ́ Lè Rí Ìkànnì Ayédèrú Kí Olè Tó Rówó Gbà

A ti ka ìkìlọ̀ tuntun tí àwọn tó ń fún ilé tẹ́tẹ́ ní ìwé àṣẹ gbé jáde, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà tún figbe ta pé olè ti fi ìkànnì ayédèrú gbọ́n àkáǹtì àwọn gbẹ. Ohun tí àwọn aláṣẹ yìí ń sọ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tún sọ: kí kálukú máa ṣọ́ra. Kò sẹ́ni tó ní kéèyàn má ṣọ́ra. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń tẹnu mọ́ ni pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí oníbàárà kò lè ṣe, tí ilé tẹ́tẹ́ lè ṣe, tí ẹni tó fún un ní ìwé àṣẹ sì lè fipá mú un ṣe.

Inú gúrúùpù Tẹligíráàmù ni olè jíjà yìí ti lè bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá gèèmù kọ̀wé sí ènìyàn 800 ní ìkọ̀kọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sọ fún 400 pé gólù ìdíje kan yóò pé mẹ́ta, ó sọ fún 400 yòókù pé kò ní pé. Àwọn tó bá ṣẹ fún nìkan ni yóò tún kọ̀wé sí. Lẹ́yìn ìdíje kejì, wọ́n ku 200. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, wọ́n ku 100. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn yìí ti rí i tó sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bọ́ọ̀lù jù wọ́n lọ.

Àwọn wọ̀nyí ló ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí, pé orí rẹ̀ nìkan ni gèèmù ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ti máa ṣiṣẹ́. Ìkànnì tí líǹkì náà ṣí jọ ti ilé tẹ́tẹ́ gidi láti orí dé ẹsẹ̀. Bí oníbàárà ṣe ń tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀ ni ẹ̀rọ olè ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì gidi. Ilé tẹ́tẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù, oníbàárà tún fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kóòdù náà fún olè. Ìkànnì ayédèrú á wá ní páswọ́ọ̀dù kò tọ̀nà, á sì darí rẹ̀ sí ìkànnì gidi. Nígbà tó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé, kò sì fura. Olè ti wà nínú ilé nígbà yẹn, ó ń pààrọ̀ àkáǹtì báńkì tí owó máa gbà jáde.

Àdírẹ́sì òkè búráúsà ló ń tú wọn fó. Ká pe ti gidi ní `tete.example`. Ayédèrú lè jẹ́:

```
https://tete.example.gemu-oni.test/login
```

Ẹ wo ohun tó ṣáájú `/login` gan-an: `gemu-oni.test` ló ni ìkànnì náà, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ `tete.example` síwájú orúkọ tirẹ̀. Ẹ má wo àmì àgádágodo ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì. Olè náà ń gba sátífíkéètì, ìwé ẹ̀rí orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń mú àmì náà jáde, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2023 ni Kúróòmù mú àmì àgádágodo yẹn kúrò, nítorí àwọn ènìyàn rò pé ó túmọ̀ sí ìkànnì tó ṣeé fọkàn tán. Bí fóònù tó máa ń bá yín kọ páswọ́ọ̀dù bá sì kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ má fọwọ́ kọ ọ́ kíákíá, ó lè jẹ́ pé àdírẹ́sì náà kì í ṣe ti gidi.

Sátífíkéètì ọ̀fẹ́ yìí gan-an ni ó yẹ kó fi olè hàn. Láti 2018 ni Kúróòmù ti ń béèrè pé kí sátífíkéètì tuntun wà nínú àkọsílẹ̀ gbangba tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò. Ẹ lọ sí `crt.sh`, ẹ tẹ orúkọ síbẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ilé tẹ́tẹ́ tó bá ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ yìí lè rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìkànnì àjèjì kí líǹkì náà tó dénú gúrúùpù rárá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa hàn: olè tí kò fi orúkọ ilé tẹ́tẹ́ sínú àdírẹ́sì rẹ̀ á yọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tí orúkọ náà bá wà nínú sátífíkéètì rẹ̀ kò ní ibi sá sí.

Bí wọ́n bá rí i ńkọ́? Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2024, àdéhùn ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì káàkiri àgbáyé, ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń ta orúkọ ìkànnì lábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tètè gbé ìgbésẹ̀ bí ẹ̀rí gidi bá wà pé wọ́n ń fi orúkọ kan jí páswọ́ọ̀dù. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Ta ló ń kó o lọ fún wọn? Ṣé oníbàárà tí wọ́n jà lólè ni yóò tún máa wá ẹni tó ta orúkọ kiri ni?

A tún sọ ọ́, bó tilẹ̀ ti sú wa: ilé tẹ́tẹ́ tó ń fẹ́ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ àkọsílẹ̀ sátífíkéètì lójoojúmọ́, kó sì fi ẹ̀rí ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá rí ayédèrú. Owó tí wọ́n fẹ́ gbà sí àkáǹtì báńkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i láti orí ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 24, kí ìsọfúnni sì lọ sí nọ́ńbà àtijọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí mọ bí a ṣe ń dá owó ẹni tó bá jẹ tẹ́tẹ́ ńlá dúró fún àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláṣẹ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì fi ọjọ́ sí i.