Ta ló máa san owó báàgì tí ìyá ọlọ́mọ kò dì?

Inú ń bí mi láti àárọ̀. Ìyàwó àbúrò mi ń di piọ wọ́tà ní ilé iṣẹ́ kan ládùúgbò wa, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje. Ó bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n gbé òun kúrò nídìí báàgì títò. Ọ̀gá wo ikùn rẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi ni mo fún ẹ lóyún ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún ẹ̀yin tí ẹ kàn ń ra omi yìí mu. Báàgì kan, ogún ọ̀rá, ìdajì lítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kílò 10 nìyẹn. Ẹ̀rọ á máa pọ ọ̀rá omi jáde, òun á bẹ̀rẹ̀, á kó ogún sínú báàgì, á dì í, á gbé e nílẹ̀, á tò ó lé àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká ní ó di 40 ní wákàtí kan, kílò 400 ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, lórí ilẹ̀ tí kì í gbẹ, pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀.

Bí oyún ṣe ń dàgbà, oríkèé ìbàdí á máa rọ̀, ikùn á sì dínà, aboyún ò ní lè fa ẹrù mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìwúwo ẹrù á wá bọ́ sórí eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà pé tí oyún bá ti kọjá ìdajì, tó sì jẹ́ pé ẹrù gbígbé lèèyàn ń ṣe ṣúlẹ̀, kò yẹ kí ẹrù kan ju nǹkan bíi kílò 6 lọ, kò sì yẹ kó máa gbé e nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ló ṣòro nínú kí wọ́n gbé tábìlì síwájú rẹ̀, kí wọ́n fún un ní àga, kó máa ṣa ọ̀rá tó ń jò kúrò, kó máa dì í, kí ẹlòmíì máa tò ó?

Ẹ máa sọ pé òfin wà. Mo mọ̀. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iye báàgì tó bá dì ni wọ́n ń sanwó fún. Wákàtí kan tó bá fi jókòó fọ́mọ lọ́yàn, owó báàgì 40 ti lọ. Òfin gbé e fún un, owó gbà á padà.

Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, kò lo ààbọ̀ wákàtí yẹn. Ọmọ wà nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọ̀kadà ò sì lè lọ kó bọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá di ọ̀sán, ọmú á le bí òkúta, omi ọyàn á rin aṣọ rẹ̀ gbindin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń fún un dànù. Nígbà tó yá, apá kan ọmú pọ́n, ó gbóná, òtútù ń mú un, ó sì ń di báàgì lọ. Ọmú tí omi rẹ̀ kì í tán dáadáa, ara á gbà pé ọmọ ò fẹ́ mọ́, á dín omi ọyàn kù. Kí ọmọ yẹn tó pé oṣù mẹ́ta, mílíìkì alágolo ló kù tó ń mu. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń bá a wí ní kílíníìkì pé ṣebí oṣù mẹ́fà làwọn ní kó fún un lọ́yàn nìkan.

Yàrá kékeré tó nílẹ̀kùn, omi ìfọwọ́, àga, àti kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ni mo ń bèèrè. Omi ọyàn tó wà nínú kúlà tó tutù dáadáa kò ní bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí wọ́n wá wo iye báàgì tó máa ń dì tẹ́lẹ̀, kí wọ́n san ti wákàtí yẹn fún un.

Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá fi dandan mú òun, ọkùnrin nìkan lòun á máa gbà. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Bóyá ká ní gbogbo ilé iṣẹ́ jọ ń dáwó sápò kan, tó jẹ́ pé ibẹ̀ lowó wákàtí ọyàn ti ń wá, ọ̀gá kankan ò ní rí obìnrin bí ẹrù. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tí kò kọ orúkọ òṣìṣẹ́ kankan sínú ìwé, tó jẹ́ pé ẹni tó bá jí dé ẹnu géètì ni wọ́n ń mú, báwo la ṣe fẹ́ gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀? N ò tíì mọ̀.