Ariwo ta-ta-ta àárọ̀ tó ń dákẹ́ tí mọ́tò bá gbóná, ọ́ìlì kọ́ ló máa ń jẹ́ nígbà gbogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ẹ sítáàtì mọ́tò láàárọ̀, ẹ́ńjìnì ń dún ta-ta-ta-ta, ẹ wà á dé ojú títì, ariwo ti lọ. Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn, wọ́n á ní táápẹ́ẹ̀tì ni, irin kékeré tó ń ti fáàfù ṣí, ọ́ìlì yín ti kéré, ẹ lọ ra èyí tó ki, ẹ dà á sí i. Owó ọ́ìlì lọ, ariwo ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó lè jẹ́ manífóòlù sàlẹ́ńsà ló ń tú èéfín, irin tó ń kó èéfín láti ẹ́ńjìnì lọ sínú sàlẹ́ńsà.

Ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe ná. Tó bá tutù ó máa ń ki, tó bá gbóná ó máa ń ṣàn bí omi, torí ẹ̀ ni agbára tí pọ́ńpù fi ń tì í ṣe máa ń dín kù tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná. Tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ló kéré lóòótọ́, ìgbà tí mọ́tò bá gbóná tẹ́ ẹ wà nínú gosìlóò, tàbí tẹ́ ẹ ń yí kọ́nà tí ọ́ìlì sá kúrò lẹ́nu pọ́ńpù, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó máa pariwo jù. Ariwo tó ń dákẹ́ nígbà tó gbóná ń ṣe òdìkejì ẹ̀ ni. Ẹ ṣì fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kẹ́ ẹ wò ó o, nǹkan àkọ́kọ́ nìyẹn, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Táápẹ́ẹ̀tì tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ wà lóòótọ́. Mọ́jú, ọ́ìlì inú ẹ̀ máa ń sẹ̀ jáde, tẹ́ ẹ bá sítáàtì á dún díẹ̀ kí pọ́ńpù tó kún un padà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, á ti dákẹ́ kí ẹ́ńjìnì tó mọ̀ pé òun ti jí. Ti manífóòlù sàlẹ́ńsà kì í yá bẹ́ẹ̀. Irin ni, ó ti sán, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti jó, tàbí bóòtù kan ti já, èéfín ń tú níbẹ̀. Bí irin bá ń gbóná ó ń wú, ojú sísán yẹn á pa dé, ìyẹn sì lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá nígbà míì. Etí nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ẹ́ńjìnì máa ń yí ẹ̀ẹ̀mejì kí fáàfù kan tó ṣí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni sílíńdà kan ṣe ń tu èéfín jáde lẹ́ẹ̀kan, ìlù kan náà ni wọ́n ń lù.

Ẹ gbọ́ ti jíìpù 2004 kan tó wá bá mi, ẹ́ńjìnì V8 2UZ-FE. Wọ́n ti da ọ́ìlì tó ki, 20W-50, sí i níbòmíì, wọ́n tún fi oògùn fọ inú ẹ́ńjìnì ẹ̀, pàbó. Ọ̀gá, ẹ́ńjìnì yẹn kò tiẹ̀ ní táápẹ́ẹ̀tì tó ń fi ọ́ìlì wú, irin gbọingbọin ni tiẹ̀, páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ṣètò àlàfo fáàfù, kí ni ọ́ìlì tó ki fẹ́ kún níbẹ̀? Ọ́ìlì tó ki tún máa ń pẹ́ dé òkè ẹ́ńjìnì láàárọ̀ ni.

Mo ní kí bàbá tó ni ín fi mọ́tò sílẹ̀ sùn lọ́dọ̀ mi, torí tó bá ti gbóná kò sí nǹkan téèyàn lè rí. Láàárọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi sítáàtì, mo fi àkísà tútù tó nípọn dí ẹnu sàlẹ́ńsà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ariwo iwájú yẹn wá le sí i, ó ń ṣe fíì. Táápẹ́ẹ̀tì kì í yí ohùn padà nítorí àkísà. A pa á, a dúró kó tutù, a tú páànù tí wọ́n fi bo manífóòlù, àbààwọ́n dúdú bíi ìdí ìkòkò wà níbi tí àwọn páìpù ti pàdé. Mo fi bulówà fẹ́ atẹ́gùn wọlé láti ẹnu sàlẹ́ńsà, mo wọ́n omi ọṣẹ síbẹ̀, ó ń hó yẹ́ẹ́. Ó sán, kò ju ìka kan lọ ní gígùn.

Tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kéré, á ní kí ẹ́ńjìnì máa mu sí i, kóòdù P0171 sì lè jáde tí wọ́n bá fi sikánà wò ó. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èéfín tó ń wọ inú mọ́tò, kabọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì kò lóòórùn, ẹ má jókòó sínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì títàn kẹ́ ẹ sì ti gíláásì.

Bàbá ní ká kúkú gbé e fún wẹ́dà kó jó o. Mo sọ fún un pé irin tó ti gbóná tó ti tutù fún ogún ọdún, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wẹ́dà bá jó ló tún máa sán. A pààrọ̀ manífóòlù àti gásíkẹ́ẹ̀tì, a tú 20W-50 yẹn dànù, a da 5W-30 tó wà nínú ìwé mọ́tò padà sí i, lítà mẹ́fà lé díẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kò ti dún mọ́.