Nọ́ńbà àkáǹtì nìkan kò lè gba owó òkèèrè wọlé

Àbúrò ìyá mi kan tún kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí wa lánàá: "Ẹ ṣáà fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ láti òkèèrè, orúkọ ò já mọ́ nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kárí Ìlọrin ni wọ́n ti ń sọ ọ́, bí owó bá sì padà, wọ́n á ní báńkì fẹ́ jẹ ẹ́.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti kó o. Téèyàn bá ń fi náírà ránṣẹ́ nílé níbí, tó bá ti tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá tán, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á yọ sójú fóònù. Ti dọ́là láti Houston kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni báńkì rẹ̀ máa fi sínú iṣẹ́ SWIFT, ìyẹn ìsọfúnni tí àwọn báńkì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ kárí ayé, bó ti wù kó rí, ó sì lè gba ọwọ́ báńkì alágbàtà kọjá. Ó dìgbà tó bá dé báńkì tiwa kí wọ́n tó fi orúkọ yẹn wé ti orí àkáǹtì.

Kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó lọ́kọ ló ti ṣí àkáǹtì dọ́là rẹ̀: SULYMAN RUKAYAT ABIKE. Ọmọ rẹ̀ fi 800 dọ́là ránṣẹ́, ó kọ ALHAJA RUKAYAT JIMOH, orúkọ bàbá tiẹ̀. Nọ́ńbà pé pérépéré. Owó ò wọlé. Ìgbà tó padà, báńkì ọmọ náà fi ohun tó bá a dé hàn án:

```
:72:/RETN/59
/BE01/
```

RETN ni pé wọ́n dá a padà. 59 ni àyè tí nọ́ńbà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó fẹ́ gbowó máa ń wà. BE01 sì ni pé orúkọ yẹn ò bá àkáǹtì mu. Ká ní nọ́ńbà ló ṣì ni, AC01 là bá rí. 745 dọ́là ló padà sọ́wọ́ ọmọ, torí àwọn báńkì tó gbà kọjá ti yọ owó iṣẹ́ wọn. Ṣé báńkì tó fẹ́ jẹ owó á tún dá a padà?

Ó dáa, àwọn báńkì kan máa ń fojú fo Suleiman dípò Sulyman. Àmọ́ orúkọ ọkọ dípò ti bàbá? Rárá o.

Orí ìwé àkáǹtì ni kí ẹ ti da orúkọ kọ, bó ṣe tò ó gẹ́lẹ́, láìsí Alhaja, kí nọ́ńbà sì jẹ́ ti àkáǹtì dọ́là, kì í ṣe ti náírà. Bí fọ́ọ̀mù bá ń béèrè IBAN, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì gígùn irú èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, ẹ má fi òdo kún nọ́ńbà mẹ́wàá yín. Nàìjíríà ò lo IBAN. Bí owó bá sì ti há sí báńkì níbí nítorí orúkọ, kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbà á má wulẹ̀ lọ jókòó sí káńtà ní Taiwo Road. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló máa ní kí báńkì tiẹ̀ kọ àtúnṣe ránṣẹ́, kí wọ́n tó dá a padà.