Kí ẹ tó dá ráútà náà padà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi

*“Ráútà 4G tí mo rà lọ́wọ́ yín kò dáa rárá. Nínú yàrá mi, fídíò kì í lọ, ó kàn ń yí ṣáá. Tó bá di alẹ́, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dá owó mi padà.” Oníbàárà, Láfẹ́nwá*

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta. Ó dùn wá pé ẹ náwó tán, ọkàn yín kò sì balẹ̀. Tó bá jẹ́ ráútà ló bàjẹ́, a máa pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn. Ṣùgbọ́n ìyọnu inú yàrá àti ìyọnu alẹ́ kì í sábà ti orísun kan náà wá, ráútà tó bàjẹ́ kì í sì í sábà dúró de alẹ́.

Ọ̀nà méjì ni dátà ń gbà kó tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀kan wà láàárín òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ráútà. Èkejì wà láàárín ráútà àti fóònù yín, òun là ń pè ní Wáì-fáì. Àmì Wáì-fáì orí fóònù kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀nà àkọ́kọ́. Ó lè kún dẹ́nu kí íńtánẹ́ẹ̀tì má wọlé rárá.

Ẹ wá láptọ́ọ̀pù Windows kan. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo fóònù ilé kúrò lórí Wáì-fáì, torí fóònù kan ṣoṣo tó ń gba nǹkan wọlé lábẹ́lẹ̀ tó láti ba àyẹ̀wò náà jẹ́. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

```
ping -n 30 192.168.8.1
ping -n 30 8.8.8.8
```

Nọ́ńbà òkè ni ti ráútà. Bí èyí tí wọ́n kọ sábẹ́ tiyín bá yàtọ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn tó sì ń wo bí onílé ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn: ilẹ̀kùn ráútà lẹ kọ́kọ́ kàn, èkejì wà níta, kọjá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Oníbàárà wa kan ní Ìbarà ṣe é nínú yàrá rẹ̀. Ráútà ń dáhùn ní 4ms, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ó fò lọ sí 300ms, lẹ́yìn náà “Request timed out”, ìyẹn ni pé kò sí ìdáhùn, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó gbé láptọ́ọ̀pù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà ní pálọ̀: 3ms ní gbogbo ìgbà. Ó fi wáyà so wọ́n pọ̀: kò tó 1ms. Ráútà yè. Ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá ló ń jẹ Wáì-fáì, pàápàá torí pé orí 5GHz ló wà, èyí tó yára ṣùgbọ́n tí kì í la ògiri já bíi 2.4GHz.

Lálẹ́, ó tún jókòó ti ráútà. Ilẹ̀kùn ráútà ṣì ń dáhùn kíá, àmọ́ ti 8.8.8.8, tó jẹ́ nǹkan bí 45ms láàárọ̀, ti di 400ms. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìyẹn, kì í ṣe ti ráútà.

Àwọn èèyàn máa ń sáré gbé ráútà wọnú yàrá. Ẹ ní sùúrù. Ẹ tẹ nọ́ńbà ráútà náà sínú Chrome, ẹ wọlé, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP sí, òun ló ń sọ bí ráútà ṣe ń gbọ́ òpó tó. Bó bá wà ní nǹkan bíi -85, ó dára. Bó bá ti burú ju -110 lọ, bíi -115, ráútà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ òpó dáadáa. Abẹ́òkúta kún fún òkè olókùúta, ilé tó wà lẹ́yìn òkè sì lè máà gbọ́ òpó tó wà nítòsí. Bí ẹ bá gbé ráútà kúrò lójú fèrèsé wá sínú yàrá, Wáì-fáì yóò dára, RSRP yóò sì wó lulẹ̀. Ojú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni oníbàárà Ìbarà náà gbé tirẹ̀ sí, yàrá sì dára.

Ti alẹ́ kò kúrò. RSRP rẹ̀ jẹ́ -92 láàárọ̀, -92 náà ni lálẹ́. Àmì kò dín kù, èrò ló pọ̀ lórí òpó náà. Kò sí ráútà tó lè wo ìyẹn sàn. Síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn ló fi sí i, ó sì yàtọ̀. Tiyín náà gba síìmù èyíkéyìí, nítorí náà ẹ yá ti ará ilé yín lálẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ tó ra tuntun.

Bí ẹ bá fi wáyà so ó tí ilẹ̀kùn ráútà ṣì ń mú “Request timed out” wá, tàbí tí gbogbo iná rẹ̀ ń kú tó sì ń tan fúnra rẹ̀ nígbà tí iná ilé kò lọ, ẹ gbé e wá. Ẹ mú ṣájà rẹ̀ dání, torí ṣájà tó ti rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A óò fi ṣájà mìíràn dán an wò níwájú yín. Bí kò bá sì yí padà, ẹ ó gbé tuntun lọ sílé lọ́jọ́ náà.