Kò sí ìpele méjìdínlógún nínú táyà 18PR

Ní Láfẹ́nwá lọ́sẹ̀ yìí, ẹnì kan tó ń ta táyà ń wí fún ọmọkùnrin onítipà kan pé, "Bọ̀ọ̀dá, 18PR nìyí. Ìpele méjìdínlógún ló wà nínú ẹ̀, kò sí òkúta tó lè gún un." Ọmọ náà ti ń ka owó. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà oníwáyà náà. Wọ́n kọ iye ìpele wáyà tó wà lábẹ́ ojú rẹ̀ síbẹ̀: mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sábà máa ń jẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo. Fọkanáísà ti gé irú rẹ̀ lójú mi, ìpele wáyà kan ṣoṣo ni mo rí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń fi òwú ṣe táyà ni PR jẹ́ iye ìpele lóòótọ́. Ìyẹn ti kọjá; agbára táyà láti gbé ẹrù ni PR ń tọ́ka sí báyìí.

Nọ́ńbà méjì tí ìlà là láàárín, tó ń sọ ẹrù tí táyà lè gbé, ni kí ẹ wò. Ẹ mú táyà méjì tí 18PR wà lára wọn: 10.00R20 tí wọ́n kọ 149/146 sí, àti 12.00R20 tí wọ́n kọ 154/151 sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ wà fún táyà tó dá dúró, bíi ti iwájú. Èkejì wà fún ibi tí méjì ti so pọ̀ lẹ́yìn. 146 túmọ̀ sí 3,000 kílò, 151 sì jẹ́ 3,450. Tipà oní-táyà mẹ́wàá ní mẹ́jọ lẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ á gbé 24,000 kílò, ti èkejì á gbé 27,600, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ 3,600 kílò, lórí 18PR kan náà!

Ó dáa, bí ìwọ̀n àti ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, 20PR sábà máa ń gbé ju 18PR lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹrù náà. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, asán ni.

PR kò sì sọ nǹkan kan nípa rọ́bà, rọ́bà ló sì ń bá òkúta pàdé. Omi máa ń jẹ́ kí ẹnu òkúta tètè yọ̀ wọ inú rọ́bà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí ọgbẹ́ lójú táyà tipà wa lásìkò òjò ju ọ̀gbẹlẹ̀ lọ, pàápàá ní ọ̀nà kúárì tí omi bá ti bò. Bí ọgbẹ́ bá kan wáyà, omi á wọlé, wáyà á dípẹtà, ojú táyà á sì ṣí nígbà tó bá yá. Bí ẹ bá rí omi pupa tó ń jáde láti ojú ọgbẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà méjì yẹn náà ń sọ̀rọ̀. K jẹ́ eré 110 kìlómítà ní wákàtí kan, F jẹ́ 80. Táyà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olókùúta sábà máa ń gba lẹ́tà eré kékeré, torí rọ́bà rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń gbóná bí eré bá pọ̀. Tipà tí kì í kúrò ní kúárì àti àyíká Abẹ́òkúta lè lo F. Èyí tó ń sáré gbé òkúta lọ sí Èkó lórí ọ̀dà, kó má lò ó.