Ẹ̀jẹ̀ ò jẹ̀bi: ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń kú lóru

Aago méjì òru ni àǹtí mi máa ń jí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á ti kú, á wá máa gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọn omi nù lára ọwọ́, títí tí ara ọwọ́ náà á fi máa ta á bí abẹ́rẹ́, tí á sì padà bọ̀ sípò. Tẹ́lọ̀ ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Odindi ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi òrí gbígbóná ra ọwọ́ yìí, tí wọ́n sì ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀, nítorí ohun tí gbogbo àdúgbò sọ fún wọn ni pé ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn dé ọwọ́ mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ìbẹ̀rù ní rọpárọsẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú eegun àti iṣan ni mò ń ṣe, mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ "ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn" yìí lójoojúmọ́. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí mo rò pé èdè wa gan-an wà nínú ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan là ń pè é. Okùn tó ń fa ìka ká, iṣan ni. Fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni. Bí dókítà bá wá ní "iṣan ló há," ta ni kò ní ronú ẹ̀jẹ̀? Fún ìdí èyí, ní ìsàlẹ̀ yìí, màá máa pe ti ẹ̀jẹ̀ ní òpó ẹ̀jẹ̀, ti ìka ní okùn, ti ìmọ̀lára ní fọ́nrán. Ohun tó ń ṣe àǹtí mi ni pé ihò kan ní ọrùn-ọwọ́ há mọ́ fọ́nrán; àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní carpal tunnel syndrome nìyẹn.

Ẹ na ọwọ́ yín, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ẹ wo ìlà tó wà ní ọrùn-ọwọ́, kí ẹ fi ìka tẹ ìdí àtẹ́lẹwọ́ ní ìhà ọmọńdinrín. Ẹ ó kan eegun kékeré kan tó rí roboto bí ẹyọ ẹ̀wà. Ọ̀kan nínú eegun mẹ́jọ tó wà ní ọrùn-ọwọ́ nìyẹn. Ìlà méjì ni wọ́n tò sí, mẹ́rin mẹ́rin, wọn ò sì tò pẹrẹsẹ: wọ́n tẹ̀ kòtò bí àwo. Awọ líle kan wá nà láti etí àwo yìí ní ìhà àtàǹpàkò dé etí kejì ní ìhà ọmọńdinrín, ó bo kòtò náà bí òrùlé. Àyè tó wà láàárín eegun àti awọ yìí ni ihò tí à ń sọ.

Nǹkan mẹ́wàá ló ń gba inú ihò yìí kọjá. Mẹ́sàn-án jẹ́ okùn: méjì méjì fún ìka mẹ́rin, ọ̀kan fún àtàǹpàkò. Ìkẹwàá ni fọ́nrán ìmọ̀lára kan ṣoṣo, òun ló sì rọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tó ń bọ́ ọwọ́ ńkọ́? Wọn ò gba ibẹ̀ rárá. Èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń tẹ̀ láti ka ìlù ọkàn wà ní ìhà àtàǹpàkò, ìkejì wà ní ìhà ọmọńdinrín, ìta ihò ni àwọn méjèèjì ń gbà. Bí ihò náà bá há gádígádí, ẹ̀jẹ̀ á ṣì dé ìka. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àǹtí mi fi máa ń móoru tí àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣì, bó ti wù kó kú tó.

Nígbà tí wọ́n jàjà wá bá mi, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú. Mo ní kí wọ́n dijú, mo wá ń fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò, ìka tí a fi ń júwe nǹkan àti ìka àárín: "Ó dà bíi pé o fi kan ìbọ̀sẹ̀ tí mo wọ̀." Ọmọńdinrín: "Ó gún mi!" Mo dé orí ìka òrùka. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìka àárín ti kú, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọmọńdinrín yè kooro. Ìka kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìdajì kú, ìdajì yè. Ẹ̀jẹ̀ kì í pín ìka sí méjì báyìí. Fọ́nrán ló ń pín in: ti inú ihò ló ni ẹ̀gbẹ́ kan, òmíràn tó ń gba ìta ihò ló ni ẹ̀gbẹ́ kejì àti ọmọńdinrín.

Mo tún kan ẹran ìdí àtàǹpàkò, wọ́n mọ̀ ọ́n lára dáadáa. Ẹ̀ka tó ń gbé ìmọ̀lára ibẹ̀ ti yà kúrò lára fọ́nrán náà kó tó dé ihò, orí òrùlé ló ń gbà kọjá. Ẹ̀rí tó fi hàn mí pé ihò náà gan-an ni ìjàngbọ̀n wà, kì í ṣe ọrùn tàbí ìgbọ̀nwọ́, nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpọ̀ inú ihò yìí, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọwọ́ bá nà gbọọrọ, ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í tó 10. Ti ẹni tó ní àìsàn yìí máa ń wà ní nǹkan bí 30 láìṣe nǹkan kan, bó bá sì ká ọrùn-ọwọ́ kò, ó lè fò kọjá 90. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ká ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n sùn. Omi ara tó ti lọ sí ẹsẹ̀ lọ́sàn-án náà á tún padà sókè bí a bá dùbúlẹ̀. Ibì kan ṣoṣo wà tí ẹ̀jẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí: ìfúnpọ̀ náà máa ń pa òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó ń bọ́ fọ́nrán fúnra rẹ̀ dé, ebi á pa fọ́nrán, kò ní lè jíṣẹ́ mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ò lè ṣí i. Kí ìfúnpọ̀ dínkù ló lè ṣí i. Oyún máa ń fà á nítorí omi ara tó pọ̀, àtọ̀gbẹ náà máa ń fà á.

Ní ti rọpárọsẹ̀, kì í pa ìka mẹ́ta àti ààbọ̀ lóru kó sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gbọn ọwọ́. Bí ọwọ́ bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má wá ẹyọ ìgbálẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọńdinrín ló ń kú, fọ́nrán mìíràn ni. Bó bá jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ kú, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò.

Mo fún àǹtí mi ní ìdè tí pátákó wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ọrùn-ọwọ́ ká, pé kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọwọ́ òsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò kú mọ́ kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé. Ti ọ̀tún ò gbọ́. Ẹran ìdí àtàǹpàkò wọn ti rì wọnú, abẹ́rẹ́ ìránṣọ sì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí fọ́nrán yìí náà ló ń darí ẹran tó ń mú àtàǹpàkò kọjú sí àwọn ìka yòókù. Bọ́rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, ìdè nìkan ò tó, abẹ́rẹ́ oògùn tí wọ́n máa ń gún sínú ihò náà kì í sábà tó mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n la awọ òrùlé náà sí méjì kí ihò lè fẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń sun oorun dé ilẹ̀ mọ́. Àmọ́ ẹran tó ti rì yẹn ò tíì kún padà, ọmọ iṣẹ́ wọn ló ṣì ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́.