“Gbù-tá” ọkàn kì í ṣe yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀

Ẹnìkan tún fi ohùn ránṣẹ́ sí wa láàárọ̀ yìí, ó ń ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń lù. Ó ní “gbù” àkọ́kọ́ tí à ń gbọ́, yàrá òkè ló ń fún ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀. “Tá” tó tẹ̀lé e, yàrá ìsàlẹ̀ ló ń tì í jáde. Lóòótọ́, ohùn méjì, yàrá òkè àti ìsàlẹ̀, ó jọ pé ó bára mu. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ.

Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti kárí ara bọ̀, ó ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Apá òsì ń gba èyí tó ti ẹ̀dọ̀fóró dé, ó ń tì í lọ sí gbogbo ara. Apá méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan náà ni. Ọ̀kan kì í dúró de èkejì. Fáàfù mẹ́rin ló ń darí ẹ̀jẹ̀ náà: méjì wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, méjì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Fáàfù kì í dá ṣí ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tì í ṣí, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì fẹ́ padà sẹ́yìn ló ń gbá a dé, bí atẹ́gùn ṣe ń gbá ilẹ̀kùn.

Ká mú ọkàn tó ń lù nígbà 75 ní ìṣẹ́jú kan. Lílù kan kò ju nǹkan bíi 0.8 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ìsinmi ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà ìsinmi yẹn, fáàfù àárín ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wọ yàrá ìsàlẹ̀ láìsí ẹni tó ń tì í. Kí yàrá òkè tó fún, ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ló ń bá a fi kún un. A kì í gbọ́ ìyẹn rárá.

Lẹ́yìn náà ni yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì fún. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ padà sókè, ó gbá fáàfù àárín dé: gbù. Fún ìgbà díẹ̀ gan-an, fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní pípadé, agbára inú yàrá sì ń ga títí ó fi borí ti inú òpó ẹ̀jẹ̀. Fáàfù ẹnu ọ̀nà wá ṣí, ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Nínú nǹkan bíi mílílítà 120 tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ òsì, nǹkan bíi 70 ló ń jáde. Ìyókù á dúró síbẹ̀. Yàrá bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú òpó fẹ́ padà wọlé, ó gbá fáàfù ẹnu ọ̀nà dé: tá.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Gbé ẹ̀rọ tí dókítà ń fi sétí lé àyà ẹnìkan, kí o sì rọra fi ìka kan ọrùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn gbù, kí tá tó dún, ni wàá mọ̀ ọ́n tó sọ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé tá ni yàrá ìsàlẹ̀ ń tì ẹ̀jẹ̀ jáde, lẹ́yìn tá ni ọrùn ì bá máa sọ. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ṣe é fúnra wọn, àríyànjiyàn sì máa ń parí níbẹ̀.

Àwọn aláìsàn kan tún wà tí yàrá òkè wọn kì í fún mọ́, ńṣe ló kàn ń gbọ̀n. Mo ti gbọ́ àyà wọn: lílù rẹ̀ kì í tò déédéé, ṣùgbọ́n gbù wà, tá náà wà. Ta wá ló ń dún gbù?

Ó dáa, mo gbà pé yàrá òkè lè dún nígbà mìíràn, bí ògiri yàrá ìsàlẹ̀ bá le jù. Ohùn kékeré kan ni, ó sì máa ń ṣáájú gbù. Àfikún ni.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti lè ṣini lọ́nà ni ti fáàfù tó ń jò. Bí fáàfù àárín apá òsì bá ń jò, “fùùù” ni wàá gbọ́ láàárín gbù àti tá, nítorí ìgbà yẹn ni yàrá ìsàlẹ̀ ń fún, tí ẹ̀jẹ̀ ń sá padà sókè. Bí ó bá jẹ́ fáàfù ẹnu ọ̀nà apá òsì ló ń jò, lẹ́yìn tá ni fùùù yẹn ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí yàrá ti dẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé tá ni yàrá ìsàlẹ̀ ń fún yóò gbọ́ fùùù lẹ́yìn tá, yóò sì di ẹ̀bi ru fáàfù àárín tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.